Ohun tó yẹ kí "ẹ ṣé lánàá" gbé dání lẹ́yìn íńtáfíù

Nílé wa, ẹni tí wọ́n bá ṣe lóore lánàá kì í jẹ́ kí oòrùn òní ga jù kó tó padà lọ sọ pé "ẹ ṣé lánàá". Kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa. A kàn rí i pé bí ìyá wa bá ti ibi ìnáwó dé lálẹ́, ilẹ̀ kì í pẹ́ mọ́ kó tó máa lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí á máa kí àwọn tó bá a ṣe é. Ìdí nìyẹn tí kò fi ya púpọ̀ nínú wa lẹ́nu nígbà tí wọ́n sọ fún wa ní kíláàsì pé ẹni tó bá ṣe íńtáfíù tán, kó fi iṣẹ́ ìdúpẹ́ ránṣẹ́. A ti ń ṣe é tipẹ́. Yin ni yin ni, kẹ́ni lè ṣe mìíràn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ ni pé íńtáfíù kì í ṣe oore. Ẹni tó pè ọ́ kò fún ọ ní nǹkan kan. Ó ń wá ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kan fún un ni, kò sì tíì mọ̀ bóyá ìwọ ni. Bí o bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó dúpẹ́ aṣọ ẹbí, yóò rẹ́rìn-ín músẹ́, yóò sọ pé ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́ ilé, yóò sì padà sí ìwé tó kọ orúkọ yín sí láìsí nǹkan kan tó yí padà níbẹ̀. Ohun tó lè yí nǹkan padà ni kí o parí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá yẹn tí ẹ kò parí, kí ó sì dé ọwọ́ rẹ̀ kí àwọn tó fẹ́ pinnu tó jókòó pọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lásìkò Áí-Tíì ṣàlàyé rẹ̀, nítorí ó rọrùn láti sọ ju láti ṣe lọ.

Ẹ̀yin tó ti jáde á rántí bí àsìkò náà ṣe máa ń rí. Oṣù mẹ́fà ni ètò Síwẹ̀sì fún ẹ̀ka tiwa, lẹ́tà láti yunifásítì wà lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, ààyè ni kò sí. Ẹni tí kò bá rí ààyè ní kíákíá, ṣe ni yóò lọ máa jókòó ní ilé ìwé kan tàbí ilé ìtajà oògùn kan, tí yóò máa wá ẹni tí yóò fọwọ́ sí lọ́ọ̀gìbúùkù rẹ̀. Kẹ́mísìrì ni mò ń kà. Mo fẹ́ láàbù, mo sì fẹ́ ibi tí n kò ní sanwó ilé, nítorí kò sówó ilé. Àǹtí mi kan ń gbé ní Odígbó. Láti Odígbó sí Òrè kò jìnnà, ojú ọ̀nà tó ti Oǹdó wá ni, ọkọ̀ kì í sì í wọ́n níbẹ̀ láàárọ̀. Ilẹ̀ ẹyìn ni agbègbè yẹn, bó ṣe jẹ́ ilẹ̀ kòkó àti rọ́bà, ilé iṣẹ́ kan tó ń fún epo pupa ní ẹ̀bá ọ̀nà yẹn sì ń wá akẹ́kọ̀ọ́ méjì fún láàbù rẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn. Àwa mọ́kànlá la jókòó sórí bẹ́ńṣì níta ní ọjọ́bọ̀ tí wọ́n pè wá.

Àwọn mẹ́ta ló bi wá léèrè ọ̀rọ̀: máníjà, obìnrin tó ń darí láàbù, àti ọ̀gbẹ́ni kan láti ọ́fíìsì tó ń rí sí òṣìṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ dáadáa títí máníjà fi béèrè ohun tó ń jẹ́ kí ásíìdì inú epo pupa ga. Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Bí ẹyìn bá fara gbọgbẹ́ tàbí bí wọ́n bá gé e tán tó sì pẹ́ nílẹ̀ kí wọ́n tó sè é, ohun kan wà nínú ẹran ẹyìn náà fúnra rẹ̀ tó máa ń fọ́ ọ̀rá rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, ásíìdì á sì máa pọ̀ sí i láti wákàtí dé wákàtí. Oru gbígbóná tí wọ́n fi ń sè é ló ń pa nǹkan náà. Ó mi orí. Ó wá béèrè pé, "Ó dáa. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ásíìdì ga lójijì. Ìwọ ti fẹ́ lọ bá àwọn ará oko pé wọ́n jẹ́ kí ẹyìn pẹ́ nílẹ̀. Báwo ni wàá ṣe mọ̀ pé ẹyìn ni, tí kì í ṣe láàbù tìẹ ló purọ́?"

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọkọ̀ tó ń kó ẹyìn bọ̀ ti taku sójú ọ̀nà. Ó dìde, ó ní kí àwọn yòókù máa bá mi lọ. Ọ̀gbẹ́ni ọ́fíìsì béèrè ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀, mo ní n ó wádìí ọjọ́ gan-an lọ́wọ́ ẹ̀ka wa, ló bá di pé kí wọ́n pe ẹni tó kàn.

Kí n tó jáde, mo béèrè ohun méjì tí mo máa ń sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n béèrè: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo lẹ ń retí láti pinnu? Bí mo bá ní nǹkan kan láti fi kún ọ̀rọ̀ mi, ta ni kí n kọ ọ́ sí?" Ó ní ọjọ́ Ajé ni wọn yóò jókòó lé e, ó ní kí n kàn fèsì sí ímeèlì tó fi pè mí. Ìbéèrè méjì yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹni tí kò bá béèrè wọn, ṣe ni yóò lọ máa gbọ́ ìmọ̀ràn kiri pé kí òun ránṣẹ́ láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún, bíi pé gbogbo ilé iṣẹ́ ló ń pinnu ní ọjọ́ kan náà.

Nígbà tí mo délé, àǹtí mi ti ronú tirẹ̀. Ó ní kí n gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan láti ẹ̀yìnkùlé lọ kí máníjà ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. "Ẹni tó bá lọ kíni ni wọ́n ń rántí," ló wí. Mo fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un, torí pé lójú tirẹ̀ kò sí ohun tó burú níbẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í kúkú ṣe owó. Ṣùgbọ́n nǹkan tí a bá gbé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ṣì ń yan ènìyàn kì í ṣe ìdúpẹ́ mọ́, bó ti wù kó kéré tó. Bí ó bá gbà á, tí ó sì mú mi, àwọn mẹ́wàá yòókù ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Bí kò bá sì fẹ́ gbà á, mo ti fi í sínú ìtìjú nílé iṣẹ́ rẹ̀, níwájú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀. Àǹtí mi ní, "Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ ti mọ̀wé jù." Ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà la jẹ lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Mo mú ìwé, mo kọ gbogbo ìbéèrè tí wọ́n bi mí sílẹ̀ bí mo ṣe rántí wọn. Ẹ má fi ìyẹn sùn. Tó bá fi máa di àárọ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹni tó bi yín sọ gẹ́lẹ́ á ti yí padà sí ọ̀rọ̀ tiyín, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lẹ nílò láti fi rán an létí. Mo wá fàlà sábẹ́ àwọn tí a kò parí. Méjì ni: ìbéèrè máníjà, àti ọjọ́ tí mo lè bẹ̀rẹ̀. Àwọn yòókù, yálà mo dáhùn wọn dáadáa tàbí n kò dáhùn wọn dáadáa, mo fi wọ́n sílẹ̀. Ìdí ni pé bí ènìyàn bá padà wá tún gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ṣe, ẹni tó ń kà á yóò rò pé ṣe ló fẹ́ ṣe íńtáfíù lẹ́ẹ̀kejì.

Mo wá ronú sí ìbéèrè máníjà. Bí a ṣe ń wọn ásíìdì epo ni pé a ó wọn epo díẹ̀, a ó fi ẹ̀tánọ́ọ̀lù gbígbóná yọ́ ọ, a ó wá máa kán omi sódà tí a mọ agbára rẹ̀ sí i títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi yí padà. Bí omi sódà tó lọ sí i bá ṣe pọ̀ tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀tàn tó wà níbẹ̀ ni pé omi sódà tí a ṣí sílẹ̀ máa ń fa afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù sára, agbára rẹ̀ á sì máa dín kù. Sódà tí agbára rẹ̀ ti dín kù yóò pọ̀ kó tó ran epo kan náà, ìwé wa á sì sọ pé ásíìdì ga nígbà tí epo kò ṣe ohunkóhun. Bí ẹ̀tánọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀ bá ní ásíìdì nínú, ohun kan náà ni yóò ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni kí a tún epo àná wọ̀n. Ká ní epo àná jẹ́ 3.4 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ìwé, ti òní sì jẹ́ 4.6. Mo mú epo àná tí a tọ́jú sínú ìgò, mo fi omi sódà òní wọ̀n ọ́n. Bí ó bá jẹ́ 3.4 tàbí nǹkan tó sún mọ́ ọn, ara epo òní ni wàhálà wà. Bí òun náà bá fò sí 4.5, láàbù ló purọ́.

Ìdáhùn tí mo ń wá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ìpínrọ̀ kan odindi ni mo fi ṣàlàyé rẹ̀ fún yín níbí, máníjà kò sì nílò rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá èmi náà mọ ibi tí mo ti máa kọ́kọ́ wò kí n tó dá ará oko lẹ́bi. Gbólóhùn mẹ́ta tó. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́ sí wọn, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi pè mí, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyí:

"Ẹ kú iṣẹ́ àná, sà. Mo dúpẹ́ pé ẹ̀yin, máníjà àti ọ̀gá láàbù fún mi láàyè láti bá yín sọ̀rọ̀ lórí ààyè Áí-Tíì.

Máníjà bi mí pé bí ásíìdì epo bá ga lójijì, báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ẹyìn ló fà á, tí kì í ṣe láàbù, ṣùgbọ́n fóònù kò jẹ́ ká parí rẹ̀. N ó mú epo àná tí a ti kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, n ó fi omi sódà òní tún un wọ̀n. Bí iye rẹ̀ kò bá yí padà, epo òní ló yàtọ̀, n ó sì lọ béèrè wákàtí tí wọ́n gé ẹyìn náà. Bí ti àná bá ga pẹ̀lú, omi sódà àti ẹ̀tánọ́ọ̀lù ni n ó yẹ̀ wò kí n tó lọ bá ẹnikẹ́ni lóko.

Ẹ̀yin náà béèrè ìgbà tí mo lè bẹ̀rẹ̀. Mo ti wádìí: mo lè bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀. Odígbó ni n ó máa gbé, n kò ní nílò ilé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi èyí han máníjà. Ẹ ṣé, sà."

Orúkọ mi àti nọ́ńbà fóònù mi ló tẹ̀ lé e. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ó rí i pé n kò sọ pé mo jẹ́ òṣìṣẹ́ kára, n kò sì mú ohun tuntun wá tí a kò mẹ́nu bà ní yàrá yẹn. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀, àwọn fúnra wọn ló béèrè rẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ń mọ̀ bóyá gbólóhùn kan yẹ kó wà níbẹ̀: ṣé ẹnì kan nínú wọn béèrè rẹ̀, tàbí èmi ni mo fẹ́ sọ ọ́? Gbólóhùn nípa ibi tí n ó máa gbé tilẹ̀ dà bíi pé kò bá ìyókù mu, ṣùgbọ́n wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú mi bóyá wọ́n ní ibi tí wọn yóò dé sí. Mo gbọ́ ọ lórí bẹ́ńṣì.

Lórí àkókò ńkọ́? Nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni mo kọ ọ́ tán. N kò fi í ránṣẹ́. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí aago méje ààbọ̀ tó lù, ni mo tẹ̀ ẹ́ lọ. Ìdí méjì ni mo ní. Àkọ́kọ́, ohun tí ènìyàn kọ lálẹ́ dára kó tún un kà láàárọ̀. Mo rí orúkọ ọ̀gbẹ́ni ọ́fíìsì tí lẹ́tà kan sọnù nínú rẹ̀, mo tún un ṣe. Èkejì, ilé iṣẹ́ epo kì í ṣe báńkì. Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ, ọkọ̀ ẹyìn á ti máa wọlé, kò sí ẹni tí yóò tún jókòó ti kọ̀ǹpútà títí di ọ̀sán. Mo fẹ́ kó wà lókè pátápátá nígbà tí ó bá ṣí i. Bí mo bá fi í ránṣẹ́ ní òru, ìwé ìpolówó àti ìránṣẹ́ báńkì á ti bò ó mọ́lẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ká ní wọ́n ti sọ pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́bọ̀ náà ni wọn yóò pinnu ńkọ́? Nígbà náà, gáréèjì Òrè ni n ó ti kọ ọ́ lórí fóònù, láàárín àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti àwọn tó ń pe Bìní àti Èkó, kí n tó wọ ọkọ̀. Kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó dé lẹ́yìn ìpinnu, bó ti wù kó dùn tó, ẹ kú àṣeyẹ lásán ni. Bí ìpinnu bá sì wà ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, àárọ̀ ọjọ́ kejì náà ṣì ni mo fara mọ́. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dúró kí ó sún mọ́ ọjọ́ ìpinnu. Ẹni tó bi yín ní ìbéèrè ṣì rántí ojú yín ní ọjọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹwàá, yóò máa ronú pé èwo nínú àwọn mọ́kànlá nìyí. Ọjọ́ Sátidé àti ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo máa ń yẹra fún. Ẹni tó ṣe íńtáfíù ní ọjọ́ Ẹtì, tí ìpinnu kò sì tíì kanjú, kó fi í ránṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ lọ náà ránṣẹ́. Ní alẹ́ ọjọ́bọ̀ ni, sí Wasáàpù máníjà, tí ó gba nọ́ńbà rẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ó fi hàn mí kó tó fi í ránṣẹ́. Ó kí i, ó ṣàdúrà fún un àti fún ìdílé rẹ̀, ó ní kó fi ojú àánú wo òun, ó ní Ọlọ́run yóò san án fún un. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ orúkọ máníjà kúrò níbẹ̀, a lè fi í ránṣẹ́ sí olórí báńkì tàbí sí ẹni tó fẹ́ ya wá ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ohun tó tún dùn mí ni pé ọ̀rẹ́ mi yìí ní ohun tó lè sọ. Bàbá rẹ̀ ní ẹbu kan ní Òkìtìpupa, ó mọ iṣẹ́ ẹyìn ju gbogbo wa lọ, wọ́n sì ti bi í pé ṣé ó ti rí ibi tí wọ́n ti ń fún epo rí. "Bẹ́ẹ̀ ni sà" ló fi dáhùn, ó sì dákẹ́. Ibẹ̀ ló yẹ kí ìránṣẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un, ó ní wọ́n á rò pé òun ń yangàn. Lórí ti nọ́ńbà fóònù, mo sọ tẹnu mi: ibi tí wọ́n bá gbà pè ọ́ ni kí o gbà fèsì. Bí Wasáàpù ni wọ́n fi pè ọ́, fi Wasáàpù dáhùn. Nọ́ńbà tí ẹ̀ṣọ́ fún ọ kì í ṣe èyí tí ẹni tó ni ín fún ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì náà, nọ́ńbà kan tí n kò mọ̀ pè mí. Ọ̀gá láàbù ni. Kò kí mi kú iṣẹ́, kò sì yìn mí. Ó ní, "Epo àná tí o kọ pé wàá tún wọ̀n yìí, ibo lo fẹ́ kí n máa tọ́jú ẹ̀ sí? Bó bá gba omi lára ńkọ́?" Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, inú ìgò tó gbẹ, tó ní ìdérí, kó kún dé ọrùn, ká sì gbé e síbi tí kò gbóná." Ó ní, "Hmm." Ó gé fóònù. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fi ímeèlì pè mí pé kí n máa bọ̀.

Kí ẹ má bàa rò pé ìránṣẹ́ kan ló gbé mi dé ibẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Ọmọbìnrin tí wọ́n mú pẹ̀lú mi kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú láàbù ilé iṣẹ́ epo mìíràn nígbà ìsinmi, ó sì ti dáhùn ìbéèrè kan náà tí wọ́n bi mí láìsí fóònù tó dá a dúró. Kò ní ohunkóhun láti parí. Bí òun bá kọ̀wé, gbólóhùn méjì ìdúpẹ́ ti tó o, bí ó bá sì wá fi agídí wá nǹkan kan kún un, ó lè ba ohun tó ti ṣe jẹ́. Bákan náà ni ẹni tí íńtáfíù rẹ̀ dàrú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìránṣẹ́ lè parí ìbéèrè kan, kò lè gba ẹni tí kò mọ iṣẹ́ náà là.

Ibì kan wà tí n kò ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni ti gbìyànjú rẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba ni, bíi ti ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Òrè yẹn tàbí ti ìpínlẹ̀ ní Àkúrẹ́, tí àwọn ìgbìmọ̀ kan jókòó tí wọ́n ń fún ènìyàn ní máàkì, ẹ má ṣe kọ̀wé sí ọ̀kankan nínú wọn níkọ̀kọ̀. Níbẹ̀, máàkì ti wà nínú ìwé kí ẹ tó jáde kúrò ní yàrá, ẹni tó bá sì gba ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn ìyẹn kò ní ohun rere kan tó lè fi ṣe. Àwọn ẹlòmíràn á sì sọ pé ẹ ń wá ojúure. Bí ẹ bá ṣèlérí ìwé ẹ̀rí kan tí kò sí lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà, ọ́fíìsì akọ̀wé ni kí ẹ mú un lọ, kí ẹ sì gba ìwé pé wọ́n ti gbà á.

Ó ku ti ìdákẹ́jẹ́ẹ́, èyí tí ọ̀pọ̀ yín ń béèrè lọ́wọ́ mi láti ìgbà náà. Bí ọjọ́ tí wọ́n dá bá kọjá tí ẹ kò gbọ́ nǹkan kan, ẹ fi ọjọ́ iṣẹ́ méjì kún un, kí ẹ sì kọ ìlà méjì sábẹ́ ìránṣẹ́ tẹ́lẹ̀, níbi tí `Re:` ti wà, kí wọ́n lè rí ohun tí ẹ ti sọ láìwá a kiri. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pinnu, ẹ sì sọ ọjọ́ tí ẹ̀ka yín fẹ́ gba orúkọ ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, nítorí ìyẹn ni ìdí tòótọ́ tí ẹ fi ń béèrè. Bí kò bá sí èsì sí èyí náà, ẹ mú lẹ́tà yín, ẹ wọ ọkọ̀ lọ síbòmíràn.